Jumia àbí sáìtì tara ẹni: bí ẹni tó ń ta ìpara àti ọṣẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀

Ẹni tó ń po ìpara òrí àti ọṣẹ dúdú olómi n'Ìbàdàn, tó sì fẹ́ máa tà á kọjá àdúgbò rẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà fún un lórí ayélujára. Ó lè gbé e lọ sí ọjà ńlá bíi Jumia tàbí Konga, kí wọ́n máa yọ komíṣọ̀n nínú ohun tó bá tà. Ó sì lè ní sáìtì tirẹ̀, kí ó máa fi Paystack gba owó rẹ̀. Komíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò, tí wọ́n bá sì ti rí i, wọ́n á ní àwọn ò ṣe mọ́. Lójú tèmi, komíṣọ̀n kọ́ ló ń jẹ èrè oníṣòwò ìpara tán. Ike tó jáde nílé tó tún padà wá ni. Ike kan ṣoṣo la ó fi ṣe ìṣirò yìí, a ó sì tẹ̀ lé e dé ọwọ́ oníbàárà, ká tún tẹ̀ lé e padà sílé bí ó bá padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà ìpò

Ìpara, ọṣẹ, òróró irun àti lọ́fínńdà, abẹ́ NAFDAC ni gbogbo wọn wà. Bí ẹ bá fẹ́ tà lórí ọjà ńlá, wọ́n lè ní kí ẹ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín hàn kí ọjà tó jáde sójú òpó. Lórí sáìtì tiyín, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló mú yín. Ẹni tó bá ń po ìpara tó ń bóra, kó rántí pé NAFDAC kò fààyè gba mákíúrì, hydroquinone tó bá sì ju 2% lọ, wọn ò gbà á.

Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa jù níbẹ̀ ni ohun tí ẹ máa kọ sára ike. Yàtọ̀ sí orúkọ ọjà, ohun tí ẹ fi pò ó, ìwọ̀n rẹ̀ àti àdírẹ́sì yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, àti nọ́ńbà ìpò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé inú ìkòkò kan náà ni àwọn ike wọ̀nyí ti jáde. Bí ẹ bá po ogójì ike lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ogójì ó gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí a bá dé orí ọjà tí wọ́n dá padà, ẹ ó rí iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ike kan

Ẹ jẹ́ ká mú ìpara òrí oní 200g. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Òrí, àdí àgbọn, ike, lébẹ́ẹ̀lì àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦3,000. Páálí àti ọ̀rá tí a fi dì í jẹ́ ₦200. A fẹ́ tà á ní ₦7,000.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọjà ńlá. Komíṣọ̀n kì í ṣe iye kan fún gbogbo ọjà. Ìsọ̀rí ìsọ̀rí ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì máa ń yí i padà. Ní ti Jumia, inú Vendor Center, ojú òpó tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń tà níbẹ̀, ni ẹ ti máa wo ti ìsọ̀rí ọjà ẹwà. Ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ má gba ti ẹni tó tà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́. Ká sọ pé 15% ni: ₦1,050 nìyẹn. Ẹ tún wò ó bóyá VAT 7.5% wà lórí komíṣọ̀n náà. Bí ó bá wà, orí ₦1,050 yẹn ni wọ́n ti máa yọ ọ́, kì í ṣe orí ₦7,000, ó sì jẹ́ bíi ₦79. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín jẹ́ ₦2,671.

Ó yá, ẹ gbé e wá sí sáìtì tiyín. Paystack ń gba 1.5% àti ₦100 lórí owó tí káàdì tàbí àkáǹtì Nàìjíríà bá san. Bí owó náà kò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn, iye tí wọ́n bá gbà lórí owó kan kì í sì kọjá ₦2,000. Ohun tí èèyàn máa ń gbàgbé ni pé orí gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, títí kan owó ìgbéránṣẹ́. Tí oníbàárà bá san ₦7,000 fún ìpara àti ₦2,500 fún ìgbéránṣẹ́, ₦9,500 ni Paystack rí. 1.5% rẹ̀ jẹ́ ₦142.50, ẹ fi ₦100 kún un, ó di nǹkan bíi ₦243. Ohun tó kù lẹ́yìn owó ìpara àti páálí jẹ́ ₦3,557.

Ibí ni èèyàn máa ń dúró sí, tí yóò sì ní sáìtì ló dáa jù. Ẹ má tíì dúró. Ta ló mú oníbàárà yẹn wá? Lórí ọjà ńlá, ó ti wà nínú ọjà kó tó rí yín. Lórí sáìtì, ẹ̀yin lẹ sanwó ìpolówó lórí Facebook tàbí Instagram kó tó mọ̀ pé ẹ wà. Bí ìpolówó ₦15,000 bá mú ẹni mẹ́wàá ra ọjà, ₦1,500 ti lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fi owó orúkọ sáìtì àti ibi tí sáìtì ń gbé kún un. Ká sọ pé ₦60,000 ni lọ́dún, ₦5,000 lóṣù. Tí ẹ bá ń ta ogún ike lóṣù, ₦250 wà lórí ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ méjèèjì, ₦1,807 ló kù.

Nítorí náà, lórí oníbàárà tó ń ra ọjà yín fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjà ńlá lérè jù sáìtì: ₦2,671 sí ₦1,807. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà kan náà bá padà wá fúnra rẹ̀ lóṣù méjì lẹ́yìn náà, tí ẹ kò náwó ìpolówó lé e lórí, sáìtì fún yín ní ₦3,307, ọjà ńlá kò sì kúrò lórí ₦2,671. Ìpara àti ọṣẹ máa ń tán, èèyàn á sì tún un rà. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi yẹ kó jẹ́ "ta ló ń padà wá?" kó tó di "ta ló ń gba owó jù?"

Ẹni tó bá ra ike méjì lẹ́ẹ̀kan náà tún yí ìṣirò yìí padà. Lórí ọjà ńlá, komíṣọ̀n di ìlọ́po méjì, ₦2,100. Lórí sáìtì, bí owó ìgbéránṣẹ́ bá ṣì jẹ́ ₦2,500, Paystack gba nǹkan bíi ₦348 lórí ₦16,500, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ₦100 yẹn. Ọjà àpapọ̀, bí ìpara kan àti ọṣẹ méjì, sáìtì ni kí ẹ ti máa tà á.

Ní ti ohun tí ẹ máa fi kọ́ sáìtì, WordPress pẹ̀lú WooCommerce kò gba owó oṣooṣù fúnra rẹ̀. Ibi tí yóò máa gbé àti orúkọ rẹ̀ lẹ ó sanwó fún. Shopify rọrùn jù ú lọ láti lò, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Shopify Payments kò tíì sí ní Nàìjíríà, èyí tó túmọ̀ sí pé lórí ètò Basic wọn, wọ́n tún máa gba 2% tiwọn lé ohun tí Paystack ti gbà. Mi ò rò pé ó yẹ ẹni tó ń ta ogún ike lóṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ọjà ṣe máa dé

Lórí ọjà ńlá, iṣẹ́ yín ni kí ẹ di ọjà, kí ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún yín mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e dé ibùdó wọn kí àkókò tó lọ. Àwọn ni wọ́n máa gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ibi tó ti ń dunni ni kí ẹ gbàgbé láti dín iye tí ẹ kọ sójú òpó kù, kí ọjà tán lọ́wọ́ yín nígbà tí òpó ṣì ń sọ pé ó kù márùn-ún. Ẹ ó fagi lé ohun tí wọ́n rà, á sì hàn lára àkáǹtì yín. Bí ẹ bá ń tà níbi méjèèjì, ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ fún ọjà ńlá, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún sáìtì.

Lórí sáìtì, ẹ̀yin ni ẹ ó wá ẹni tí yóò gbé e. Nínú Ìbàdàn, díspáàṣì oní-ọ̀kadà tó. Sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ lè lo ilé iṣẹ́ bíi GIG Logistics, tàbí kí ẹ fi wébíìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì. Wébíìlì dínwó, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ lọ gbà á ní gáréèjì, ẹ kò sì ní ìwé tó dájú lọ́wọ́ bí ó bá sọnù. Ẹni tó ń ra ọjà yín fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní dárí ìyẹn jì yín.

Ẹ ṣọ́ bí páálí ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ akẹ́rù máa ń wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, wọ́n á sì pín in sí 5,000. Bí ohun tó jáde bá ju ìwọ̀n gidi lọ, ìyẹn ni wọ́n máa gbowó lé. Páálí 30 × 20 × 15 á jáde sí 1.8kg, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpara tó wà nínú rẹ̀ kò ju 0.9kg lọ. Ẹ wá páálí tó bá ike mu.

Nínú WooCommerce, ẹ lọ sí `WooCommerce > Settings > Shipping`, kí ẹ dá agbègbè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ Èkó, àti ibòmíràn. Fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹ yan `Flat rate`. Dípò kí ẹ kọ iye kan ṣoṣo síbi `Cost`, ẹ lè kọ èyí:

```
2100 + ( 400 * [qty] )
```

Ike kan á jẹ́ ₦2,500, méjì á jẹ́ ₦2,900, mẹ́ta ₦3,300. Oníbàárà á rí i fúnra rẹ̀ pé ó sàn kí òun ra méjì pọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ooru. Òrí máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 35°C, inú búùtù ọkọ̀ tó dúró sóòrùn sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní Bódìjà gba ìpè láti Èkó: "Mọ́mì, ìpara yín ti di epo o." Yíyọ́ yẹn gan-an kọ́ ni wàhálà tó burú jù. Tí òrí bá yọ́ tó sì tún rọra dì fúnra rẹ̀, ó máa ń di hóró-hóró bí iyanrìn. Oníbàárà á fọwọ́ pa á, á rò pé ayédèrú ni, á sì dá a padà. Ẹ fi ìda oyin díẹ̀ kún ìpara tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, torí pé ìda kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 60°C, ó sì ń jẹ́ kí ìpara le sí i. Tí ẹ bá pò ó tán, inú fìríìjì ni kí ẹ ti jẹ́ kí ó tètè dì. Ẹ fi ìwé kékeré sínú páálí pé bí ó bá yọ́ lọ́nà, kí wọ́n gbé e sínú fìríìjì kí wọ́n tó ṣí i.

Ọṣẹ olómi ní tirẹ̀, jíjò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹ tó yan ìgò, ẹ rọ ọṣẹ sínú ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di àárọ̀. Bí ẹ bá rí òrùka tútù lára ìwé náà, bó ti wù kó kéré tó, ìgò yẹn kò lè dé Àkúrẹ́. Ẹ wá ìgò tó ní bébà dídán tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́fínńdà àti kútẹ́ẹ̀sì èékánná, wọ́n máa ń gbiná, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi akẹ́rù léèrè kí ẹ tó kó wọn fún un, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjà tó padà wá

Oríṣi mẹ́ta ni, kò sì yẹ ká kó wọn pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí oníbàárà kò gbà rárá, tí díspáàṣì dé ẹnu ọ̀nà tí fóònù kò sì lọ. Sísanwó nígbà tí ọjà bá dé ló ń fa èyí jù. Lórí ọjà ńlá, ike yín á padà, ó lè pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló gbé e lọ tó gbé e bọ̀. Lórí sáìtì, ẹ̀yin lẹ máa san àlọ àti àbọ̀. Ẹ fi ṣírò: ike mẹ́wàá jáde, mẹ́jọ tà, méjì padà. Èrè lórí mẹ́jọ, ní ₦1,807, jẹ́ ₦14,456. Àlọ àti àbọ̀ méjì yẹn, ní ₦2,500 lọ́nà kan, jẹ́ ₦10,000. Gbogbo ohun tó kù kò ju ₦4,456 lọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta ló padà, gbèsè ti wọlé nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe gbà kí wọ́n san gbogbo owó lẹ́yìn lórí sáìtì. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí ó san owó ìgbéránṣẹ́ ṣáájú, kó san ti ìpara nígbà tó bá rí i. Ẹni tó ti san ₦2,500 kì í sábà pa fóònù.

Èkejì ni èyí tó dé tó sì ní àbùkù: ó jò, ó fọ́, tàbí ẹ fi òórùn mìíràn ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀bi, ẹ̀yin náà lẹ ó sì san owó ọ̀nà. Kíkọ "a kì í gba ọjà padà" sórí sáìtì kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí òfin FCCPA ti ọdún 2018 wà lẹ́yìn oníbàárà tó ra ọjà tó lábùkù, àjọ FCCPC ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò, kí ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ má ṣe ní kó dá ike tó ń jò padà. Ẹ ó san owó ọ̀nà fún ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ó ti ṣí i, ó ti fọwọ́ kàn án, ó ní òun kò fẹ́ òórùn rẹ̀. Ìpara tí wọ́n ti ti ọwọ́ bọ̀ kò ṣeé tà mọ́, ₦3,000 ti lọ. Lórí sáìtì, ẹ̀yin lẹ ń kọ òfin yín. Ẹ kọ ọ́ kó ṣe kedere lójú ìwé ọjà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà: láàárín ọjọ́ 7, a ó gba èyí tí síìlì rẹ̀ kò tíì já; èyí tó já, a kì í gbà á àyàfi tó bá lábùkù. Ẹ wá ta ìgò kékeré oní 30g fún ẹni tó fẹ́ mọ òórùn rẹ̀ kó tó ra ńlá. Ọ̀nà yìí ló ń dín ìdápadà kù jù. Lórí ọjà ńlá, òfin tiwọn ló wà, àwọn ló sì ń dájọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó wọlé, pàápàá ohun tí wọ́n kọ nípa ọjà tí wọ́n ti já síìlì rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi ṣàtakò.

Ibi àtakò yìí ni nọ́ńbà ìpò ti wúlò. Nígbà tí ẹ bá ń di ọjà, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lójú kan náà: nọ́ńbà ìpò, síìlì tó ṣì wà lẹ́nu ike, lébẹ́ẹ̀lì orúkọ oníbàárà, kí ẹ sì lẹ páálí pa. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ìpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ohun tí ó rà. Tí ike kan bá padà, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Àwọn kan máa ń ra ike tuntun, kí wọ́n fi ti tẹ́lẹ̀ tó ti kù ìlàjì dá a padà. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ ní ohun tí ẹ lè fi hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé ìṣirò tí ọjà ńlá fi ránṣẹ́: ṣé komíṣọ̀n orí ike tó padà ti padà sọ́wọ́ yín? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ.

Bí ẹnì kan bá ní ara òun wú tàbí ó ń yún òun, ẹ gbé ọ̀rọ̀ òfin ìdápadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kó dá ìpara dúró, kó lọ rí dókítà, ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ sì bi í ní nọ́ńbà ìpò. Bí ẹlòmíràn bá tún sọ irú rẹ̀ láti inú ìpò kan náà, ẹ kó gbogbo èyí tó kù nínú ìpò náà kúrò lórí igbá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èwo ni kí ẹ gbé síbo

Bí mo bá ń bẹ̀rẹ̀, ọjà kan tàbí méjì ni mo máa gbé lọ sí ọjà ńlá: èyí tó le, tí kì í yọ́, tí kì í jò. Ọṣẹ dúdú alábọ́ọ̀lù tí a fi ọ̀rá dì dáadáa yẹ bẹ́ẹ̀. Ìpara òrí, ọṣẹ olómi àti ọjà àpapọ̀, sáìtì ni wọ́n máa wà, níbi tí mo ti lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà.

Ẹ má ṣe fi ìwé ìpolówó sáìtì yín sínú páálí ọjà ńlá. Wọn kì í fẹ́ kí ẹ fa oníbàárà wọn jáde, wọ́n sì lè ti àkáǹtì yín pa. Orúkọ ọjà yín tó wà lára ike ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ sórí Google, ẹ sáà rí i pé sáìtì yín ló máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀.

Lópin oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún ibi méjèèjì: iye ike tó jáde, iye tó padà, àti iye owó tó kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹ fi iye tó jáde pín owó tó kù, kì í ṣe iye tó tà. Ọjà tí èyí bá kéré sí ₦1,000 lórí rẹ̀ fún oṣù méjì léra, ẹ fi owó kún un, ẹ yí ike rẹ̀ padà, tàbí kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.